Nọ́ńbà 0037 méjì: bí a ṣe tún nọ́ńbà ìnfọ́ìsì ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Kàbbà

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹrin, agbaṣẹ́ṣe kan tó ń kọ́ kíláàsì sí ilé ẹ̀kọ́ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Kàbbà láti yanjú gbèsè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ ohun tó kù sílẹ̀ dè é: ìnfọ́ìsì 0037, irin àti páànù, ₦412,500. Ọkùnrin náà wo ìwé náà, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú bébà kan jáde.

"Màmá, mo ti san èyí o. Ẹ wò ó, 0037. Òǹtẹ̀ yín ló wà lára rẹ̀ yìí."

Òótọ́ ló sọ. 0037 ló wà lórí bébà náà, orúkọ ṣọ́ọ̀bù wà lókè, òǹtẹ̀ "A TI SAN" wà nísàlẹ̀. Àmọ́ sìmẹ́ǹtì àti ìṣó ló wà níbẹ̀, ₦186,000 sì ni iye rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ rò pé ọkùnrin náà fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Ọkùnrin náà pẹ̀lú rò pé wọ́n fẹ́ gba owó lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ òun. Wọ́n ti ń bára wọn ṣe fún ọdún púpọ̀, síbẹ̀ ohùn ti ń ga kí n tó dé.

Ṣọ́ọ̀bù méjì ni ẹ̀gbọ́n mi ní. Èyí tó tóbi wà ní Kàbbà, èyí tó kéré wà ní Ìyàrà, àbúrò ọkọ rẹ̀ ló ń mójú tó o. Ohun èlò ìkọ́lé ni wọ́n ń tà ní méjèèjì, wọ́n sì máa ń ta àwìn fún àwọn tí wọ́n mọ̀. Èmi ni mo máa ń bá wọn ṣe ìṣirò ní ìparí oṣù. Nígbà tí mo gba bébà méjèèjì, tí mo tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ọ̀kan ti Kàbbà wá, èkejì ti Ìyàrà wá. Ọ̀dọ̀ atẹ̀wé kan náà ni wọ́n ti ra ìwé ìnfọ́ìsì ṣọ́ọ̀bù méjèèjì, bí atẹ̀wé bá sì ti tẹ ìwé fún ènìyàn láìgba àṣẹ nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ̀, 0001 ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù méjèèjì ló ní 0001, 0002, títí dé 0037 àti kọjá bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà kan náà fún oríṣiríṣi ọjà, ẹnikẹ́ni ò sì fura, torí oníbàárà púpọ̀ kì í rà ní ibi méjèèjì. Agbaṣẹ́ṣe yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó rà ní Kàbbà, tó tún rà ní Ìyàrà, tí nọ́ńbà méjèèjì sì bọ́ sórí ara wọn.

A ṣàlàyé fún un, a fi ẹ̀dà kábọ́ọ̀nù méjèèjì hàn án, ó sì san owó rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Ìyẹn ti tán. Àmọ́ mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n kó gbogbo ìwé ìnfọ́ìsì láti oṣù kìíní jáde, kí n wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo rí nínú ìwé Kàbbà ló bà mí nínú jẹ́ ju ti 0037 lọ. Mẹ́ta ò sí níbẹ̀: 0052, 0061 àti 0064. Wọ́n ti ya ojú ewé wọn kúrò, ẹ̀dà òkè pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù. Mo bi ọmọbìnrin tó ń kọ ìwé. Ó ní òun máa ń ya á dànù tí òun bá ṣe àṣìṣe, kí ìwé má baà rí jágajàga. Kò parọ́ nípa 0052 àti 0064, àṣìṣe lásán ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ka sìmẹ́ǹtì tó wà nílẹ̀, àpò 15 ló dín sí ohun tí ìwé sọ. Ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìjọ kan ló ràn wá lọ́wọ́: ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ̀dà òkè 0061 wà. Àpò sìmẹ́ǹtì 15 ni wọ́n kó, ní ₦9,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦142,500 lápapọ̀. Ọmọbìnrin náà ti kọ iye kan ṣì í lórí rẹ̀, ó fẹ́ tún un kọ, ó ti ya kábọ́ọ̀nù dànù, àwọn oníbàárà sì ti gbé ẹrù lọ pẹ̀lú bébà àkọ́kọ́. Ó gbàgbé láti kọ òmíràn. Ká ní ìjọ náà kì í ṣe olóòótọ́, owó náà ti lọ nìyẹn.

Ẹ kíyè sí ohun tó wà níbẹ̀. Nọ́ńbà tó fò kì í sọ fún ènìyàn bóyá bébà tó bàjẹ́ ni, tàbí ọjà tó ti jáde láìsan. Méjèèjì rí bákan náà. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ ṣètò nọ́ńbà lọ́nà tí àlàfo kankan ò fi ní sí rárá, kí èyí tó bá wá ṣẹlẹ̀ lè pariwo fúnra rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ojútùú tí mo kọ́kọ́ mú wá ò dára. Mo ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, ẹ̀gbọ́n mi náà ní ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, mo wá rò pé kí Excel máa fúnni ní nọ́ńbà. Mo ṣe ìwé kan, mo fi èyí sí òpó àkọ́kọ́:

```
=ROW()-1
```

Ìlà kejì máa di 1, ìlà kẹta máa di 2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rẹwà lójú. A lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan péré, lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ mọ gbèsè ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì to ìwé náà ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ orúkọ oníbàárà. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gbogbo nọ́ńbà yí padà. Ìnfọ́ìsì tó jẹ́ 14 lọ́wọ́ oníbàárà ti di 3 nínú kọ̀ǹpútà wa, torí pé fọ́múlà náà kì í rántí nǹkan kan, ipò ìlà nìkan ló ń kà. Bí a bá pa ìlà kan rẹ́, gbogbo èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń sún sókè.

Mo yí i padà sí kíka iye ìnfọ́ìsì tó wà nílẹ̀, kí n wá fi ọ̀kan kún un. Ìyẹn náà ní àrùn tirẹ̀. Ká sọ pé a ti kọ ìnfọ́ìsì 120, ẹnì kan wá pa ìlà 88 rẹ́ torí pé oníbàárà dá ọjà padà. Iye tó kù jẹ́ 119, kọ̀ǹpútà á wá sọ pé nọ́ńbà tó kàn ni 120. Bẹ́ẹ̀ 120 ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn kan máa ń lo `MAX` dípò kíka, ìyẹn ni pé kí a mú nọ́ńbà tó ga jù, kí a fi ọ̀kan kún un. Ó sàn díẹ̀, àmọ́ tí ó bá jẹ́ èyí tó kẹ́yìn gan-an ni a pa rẹ́, nọ́ńbà náà yóò tún jáde fún oníbàárà tó kàn, nígbà tí bébà àkọ́kọ́ ṣì wà níta. Ibi tí mo ti rí i kedere nìyẹn: nọ́ńbà tí a ń ṣírò láti inú ohun tó wà nílẹ̀ báyìí yóò máa yí bí ohun tó wà nílẹ̀ bá ṣe ń yí. Nọ́ńbà ìnfọ́ìsì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí kì í sí àtúnkọ.

Ohun mìíràn tún wà. Iná ò ṣeé gbọ́kàn lé, oníbàárà tó bá sì ní mọ́tò tó ń dúró níta kò ní dúró de kọ̀ǹpútà. Nítorí náà a padà sí bébà. Kì í ṣe pé bébà wù mí ju ẹ̀rọ lọ. Ohun tí atẹ̀wé bá ti tẹ̀ sórí bébà kì í yí padà nígbà tí a bá to ìwé, ó sì wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé gègé. Ohun tó kù ni bí nọ́ńbà náà yóò ṣe rí.

Mo kọ́kọ́ dábàá ọjọ́, pé kí ó jẹ́ ọdún, oṣù, ọjọ́, lẹ́yìn náà kí a ka ìnfọ́ìsì ọjọ́ náà láti 1. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ronú sí i, mo rí i pé ó ń bo àlàfo mọ́lẹ̀. Bí a bá kọ ìnfọ́ìsì mẹ́sàn-án lónìí, tí èyí kẹsàn-án sì sọnù, ọ̀la yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti 1, kò sì sí ohunkóhun tí yóò sọ pé ẹ̀kẹsàn-án wà rí. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ tó ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́ ní ẹnu ọ̀nà ọ̀ọ́dúnrún lọ́dún tí ìnfọ́ìsì lè gbà jáde láìsí ẹni tó rí i.

Mo wá dábàá lẹ́tà ṣọ́ọ̀bù àti ọdún, irú bíi K26-0001. Ẹ̀gbọ́n mi ló já èyí lulẹ̀, ó sì tọ̀nà. Ó ní, "Tí a bá tẹ 26 sórí gbogbo rẹ̀, kí la máa fi èyí tó bá ṣẹ́kù ní oṣù kejìlá ṣe? Ṣé a ó sun wọ́n ni?" Bí a bá fẹ́ fagi lé ìwé mẹ́ta tí a ò tíì lò, a ó kọ nọ́ńbà 150 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tí a fagi lé, ìyẹn iṣẹ́ tí kò wúlò. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ọdún ti wà nínú déètì tó wà lórí ìnfọ́ìsì náà. Fún ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà nìkan, ọdún inú nọ́ńbà lè dára. Fún ẹni tó ń lo ìwé tí a tẹ̀, ó ń fi owó ṣòfò.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé orí èyí tó rọrùn jù: lẹ́tà kan fún ṣọ́ọ̀bù, díjíìtì márùn-ún tó ń lọ síwájú láìdúró, láìpadà sẹ́yìn. Kàbbà jẹ́ K. Fún Ìyàrà, mo ti ń kọ I kí n tó rí i pé I-01001 àti 1-01001 rí bákan náà lójú ẹni tó bá ń kọ ọ́ látinú fóònù. A mú Y dípò rẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀ka ní ibi tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú O tàbí S, kí ó yẹra fún wọn pẹ̀lú, torí òdo àti 5.

Ìdí tí ó fi jẹ́ márùn-ún nìyí. Ní Kàbbà, wọ́n ń kọ bí ìnfọ́ìsì 9 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Tí a bá fi ìyẹn sọ ọ̀sẹ̀ 52 di púpọ̀, ó jẹ́ 2,808 lọ́dún. Díjíìtì mẹ́rin ì bá tán láàárín ọdún mẹ́ta àti díẹ̀. Díjíìtì márùn-ún yóò lò tó ọdún 35. Ìyàrà ń kọ bí ìdá mẹ́ta èyí, àmọ́ a fún un ní márùn-ún náà kí gbogbo rẹ̀ lè rí bákan náà.

A ò bẹ̀rẹ̀ láti 00001. Ìwé àtijọ́ ti wà níta láti 0001 títí dé ọgọ́rùn-ún méje àti díẹ̀, ẹni tó bá sì sọ lórí fóònù pé "ìnfọ́ìsì mẹ́tàdínlógójì" kò ní sọ lẹ́tà. A bẹ̀rẹ̀ láti K-01001 àti Y-01001, kí nọ́ńbà tuntun kankan má lè bá ti àtijọ́ pàdé. A ò sì tún nọ́ńbà àtijọ́ kọ. Ẹ̀dà wọn ti wà lọ́wọ́ oníbàárà, bí a bá yí tiwa padà, tiwọn kò ní yí. Ohun tí a ṣe ni pé a fi gègé pupa kọ lẹ́tà K tàbí Y sí ara ẹ̀dà kábọ́ọ̀nù ti àtijọ́, a sì kọ àwọn mẹ́ta tó sọnù sí ojú ewé kan pẹ̀lú àlàyé.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé fúnra mi. Mo kọ ọ́ fún un: ìwé 10 fún Kàbbà, ojú ewé 50 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà méjì pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù, K-01001 títí dé K-01500. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kó wọn sínú dúrọ́ọ̀. Mo ní kí a ṣí gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tó ń tẹ nọ́ńbà ní àwọn àgbá kéékèèké tó ń yí, nígbà mìíràn wọ́n máa ń há, wọn á tẹ nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí fo ọ̀kan. Òun ni a sì rí: nínú ìwé karùn-ún, K-01213 wà lẹ́ẹ̀mejì, K-01214 ò sí. Ká ní a ò wò ó, inú oṣù náà la ó ti máa wá ìnfọ́ìsì tí kò sí láyé, a ó sì tún ní méjì tó jọra. A fa ìlà sórí K-01213 kejì kí ẹnikẹ́ni tó lò ó, a kọ "àṣìṣe atẹ̀wé" sí i. Nínú ìwé àkọsílẹ̀, a kọ K-01214 sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà: kò sí, atẹ̀wé fò ó.

Ìwé kan ṣoṣo ló máa ń wà lórí tábìlì. Àwọn tó kù wà nínú dúrọ́ọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Bí ìwé méjì bá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, K-01051 lè jáde kí K-01020 tó jáde, gbogbo ìrọ̀lẹ́ sì ni yóò dà bí ẹni pé nọ́ńbà bí ọgbọ̀n sọnù.

Ibi tí wàhálà ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe, àfi ohun kan tí mo rò pé gbogbo oníṣọ́ọ̀bù mọ̀. Oníbàárà á dé, á ní, "Òkun o. Ẹ bá mi kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí n lọ fi han ọ̀gá." Wọ́n á ya ìnfọ́ìsì kan kọ fún un. Á lọ, kò ní padà. Nọ́ńbà ti lọ, ọjà ò jáde. Òmíràn á padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú iye tó ti yí, wọ́n á kọ òmíràn fún un, ọjà kan wá ní ìnfọ́ìsì méjì. A ra ìwé lásán kan tí kò ní nọ́ńbà, a kọ "IYE OWÓ NÌKAN, KÌ Í ṢE ÌNFỌ́ÌSÌ" sí orí rẹ̀. Òun ni wọ́n ń lò fún gbogbo ẹni tó bá béèrè iye. Ìnfọ́ìsì tó ní nọ́ńbà kì í jáde àfi tí ọjà bá ń wọ mọ́tò tàbí tí owó bá ti wọlé. Mo rò pé òfin yìí ló dín wàhálà kù ju gbogbo èyí tó kù lọ, nítorí nọ́ńbà kò ní ìdí láti sọnù bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí títà bá ti parí pátápátá ló ń jáde.

Àṣìṣe yóò ṣì wà. Ọmọbìnrin tó ń kọ ìwé kò gbọ́dọ̀ ya ojú ewé kankan mọ́. Bí ó bá kọ ọ́ ṣì tí oníbàárà ṣì wà níwájú rẹ̀, ó ń gba ẹ̀dà òkè padà, ó ń fa ìlà méjì kọjá ẹ̀dà méjèèjì, ó ń kọ "FAGI LÉ" àti ìdí rẹ̀, ó sì ń fi wọ́n sílẹ̀ nínú ìwé, kó tó lo ojú ewé tó kàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí 0061 yàtọ̀, torí oníbàárà ti lọ pẹ̀lú bébà. A kì í fagi lé irú èyí rárá, torí nọ́ńbà náà ti ń ṣiṣẹ́ níta. A ń kọ ìwé ìdápadà tó ní nọ́ńbà tirẹ̀, KD-001 lọ síwájú, tó sọ pé ó ń tún ìnfọ́ìsì báyìí ṣe, àti iye tí ó fi yàtọ̀. Tí iye tí a gbà bá kéré jù, a ń kọ ìnfọ́ìsì tuntun fún ìyókù.

Kọ̀ǹpútà kò di aláìwúlò. Àyẹ̀wò ni a wá ń fi í ṣe, kì í tún ṣe òun ló ń bí nọ́ńbà. Ní alẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ ohun tó wà nínú ìwé sínú Excel, Kàbbà ní ojú ìwé kan, Ìyàrà ní òmíràn. Lẹ́tà wà ní òpó A, nọ́ńbà wà ní òpó B gẹ́gẹ́ bí 1001, láìsí òdo iwájú, torí Excel máa ń gbé òdo iwájú jù bí a bá tẹ̀ ẹ́. Èyí tí a fagi lé àti èyí tí atẹ̀wé fò náà ń wọlé, pẹ̀lú iye 0. Mo wá fi àyẹ̀wò méjì sí òkè. Èkíní ń wá àlàfo:

```
=MAX(B2:B5000)-1001+1-COUNT(B2:B5000)
```

Nọ́ńbà tó kẹ́yìn, ní yíyọ 1001, pẹ̀lú 1, ni iye tó yẹ kí ó wà. `COUNT` ni iye tó wà. Bí ó bá jẹ́ 0, ó dára. Àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé òun nìkan. Bí a bá tẹ K-01020 lẹ́ẹ̀mejì, tí a sì gbàgbé K-01021, ọ̀kan lé, ọ̀kan dín, ìdáhùn á ṣì jẹ́ 0. Ìdí nìyẹn tí èkejì fi wà, tó ń wá àjọra:

```
=SUMPRODUCT(--(COUNTIF(B2:B5000,B2:B5000)>1))
```

Méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 0 lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan ò bá jẹ́ 0, a ń to òpó B láti kékeré dé ńlá, a ń fi `=B3-B2` sí òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì ń fà á wálẹ̀. Gbogbo rẹ̀ yẹ kí ó jẹ́ 1. Ibi tí 2 bá wà, ọ̀kan sọnù níbẹ̀. Ibi tí 0 bá wà, ọ̀kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Títò kò tún lè ṣe nọ́ńbà ní jàǹbá mọ́, torí ohun tí a tẹ̀ ni, kì í ṣe fọ́múlà.

Ohun kan wà tí fọ́múlà méjèèjì ò lè rí: bí ó bá jẹ́ èyí tó kẹ́yìn gan-an ni ó sọnù. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé K-01088 wà bí ẹnikẹ́ni ò bá tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, lẹ́yìn títẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń ṣí ìwé tó wà lórí tábìlì, ó ń wo ojú ewé òfìfo àkọ́kọ́. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà tó tẹ̀ lé èyí tó kẹ́yìn nínú Excel. Ní Ìyàrà, àbúrò ọkọ rẹ̀ ń fi nọ́ńbà ojú ewé òfìfo rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù kí ó tó ti ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ kan péré: "Ìyàwó wa, Y-01018 ló kàn."

Ètò yìí ò lè dènà ẹni tó bá tà láìkọ ìnfọ́ìsì rárá. Ìyẹn kò ní nọ́ńbà tí yóò fi pariwo, kíka ọjà tó wà nílẹ̀ nìkan ló lè tú u. Ẹ̀gbọ́n mi ń ka sìmẹ́ǹtì ní gbogbo ọjọ́ Sátidé fún ìdí yìí.

A bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún. Ní ìparí oṣù náà, Kàbbà ti dé K-01236, ìyẹn nọ́ńbà 236. A fagi lé méje nínú rẹ̀, gbogbo wọn wà nínú ìwé pẹ̀lú ìdí wọn, atẹ̀wé sì fo ọ̀kan. Àyẹ̀wò méjèèjì jẹ́ 0. Ní Ìyàrà, ó dé Y-01079, àmọ́ àyẹ̀wò àkọ́kọ́ sọ 1. A to òpó B, 2 jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ Y-01043. Mo pe àbúrò ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ṣí ìwé rẹ̀: ìnfọ́ìsì tó sọnù náà wà níbẹ̀, páìpù omi àti ìṣó, ₦23,400, ojú ewé méjì lẹ̀ mọ́ra ni wọn ò fi tẹ̀ ẹ́. Ó ka a fún wa, a tẹ̀ ẹ́, ó di 0. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Agbaṣẹ́ṣe ìjelòó náà tún rà ní ibi méjèèjì lóṣù yẹn. Nígbà tó fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì, ẹ̀gbọ́n mi fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Ọkùnrin náà ti kọ ohun tó ń san fún sí ara owó náà fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un: K-01188, Y-01052.